Ìdáhùn ìkẹyìn: etí irin 3 × 30°

«Àwòrán kọ 3 × 30° sí etí ọ̀pá irin tí àlàjá rẹ̀ jẹ́ 40 mm. Mélòó ni mo máa fá lọ sí gígùn, mélòó ni mo máa fá wọnú?»

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn; ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín. Ọ̀gá tó ní kí n lo tan ló gbà á. Láti gígùn ọ̀pá ni wọ́n ti wọn igun náà, torí náà 3 ni ti gígùn, ti inú sì jẹ́ 3 × tan 30° = 1.73.

Ẹni tó ní kí n kàn fi 1.73 sínú ẹ̀rọ tọ̀nà dé ìdajì. Àlàjá ni ẹ̀rọ wa ní Kétu ń kà, ìlọ́po méjì ló yẹ kí n yọ: 40 − 3.46 = 36.54. Kí n tó mọ̀, mo ti ba ọ̀pá kan jẹ́. Orí rẹ̀ wọn 38.27, igun rẹ̀ kò ju 16° lọ; ojú lásán ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n tó ń sọ ti 45° tirẹ̀, òótọ́ ni pé ti gígùn àti ti inú dọ́gba níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe 45°.

Ó ku àwòrán kejì: ojú ìdàgẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ 3 sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, 2.60 ni ti gígùn, 1.50 ni ti inú. Mo ń dúró de ẹni tó ni iṣẹ́ kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.