Ìwé ìlera ọ̀rọ̀ 18,400: èló ni kí n pè é, ọjọ́ mélòó ni kí n gbà?

Atúmọ̀ Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àjọ kan fẹ́ kí n túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ibà sí Yorùbá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Kọ̀ǹpútà ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 18,400. Wọ́n ń retí iye owó àti ọjọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì wà lọ́kàn wọn. Èyí tó gùn jù tí mo ṣe rí ò ju 3,000 lọ. Ojú lásán ni mo fi díwọ̀n rẹ̀, mo ní ọjọ́ mẹ́ta, ó gbà mí ní mẹ́jọ, ẹnu mi ò sì gbà á láti béèrè owó sí i. Ó dùn mí títí di òní. Báwo lẹ ṣe ń ṣírò tiyín?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kò le. Ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe bí ọ̀rọ̀ 2,000 lójúmọ́. Fi 2,000 pín 18,400, ọjọ́ mẹ́sàn-án lé díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì tó.

Ìyá Ìbejì: Ojú ewé lèmi fi ń gbowó o. Ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ìgbéyàwó tí wọ́n ń mú lọ sí ẹ́ḿbásì ni mo máa ń túmọ̀. Ṣé tìẹ náà máa nílò òǹtẹ̀?

Atúmọ̀ Tuntun: Rárá mà, ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni.

Bàbá Ògbufọ̀: 2,000 tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ibi tó rọrùn ló ti ń rí bẹ́ẹ̀, kò sì ka àtúnkà mọ́ ọn. Kọ́kọ́ ka ìwé náà tán, kí o pín in sí ibi tó rọrùn, ibi tó gba ìrònú, àti ibi tó le. Wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àmì ohùn pé, kí aago wà níwájú rẹ. Ó lè gbà tó wákàtí mẹ́ta. Padà wá sọ ohun tí o rí.

Atúmọ̀ Tuntun: Mo ti ṣe é, sà. Ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn àti ìmọ́tótó, 10,000: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún 200. Ìlànà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, 6,000: ìṣẹ́jú 48. Ìwọ̀n oògùn àti àmì ewu, 2,400: ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú gbáko! Gbólóhùn “ibà tí kò tíì di líle” nìkan gba ogún ìṣẹ́jú kí n tó rí i. Mo kọ́kọ́ kọ “ibà lásán”, mo pa á rẹ́, torí ìyá tó bá gbọ́ “lásán” lè má fún ọmọ ní oògùn náà tán.

Bàbá Ògbufọ̀: O káre. Ìyẹn jẹ́ 400, 250 àti 120 ní wákàtí kan. Wákàtí 25, 24 àti 20, àpapọ̀ 69. Wò ó, ibi tó le ò tó ìdá kan nínú méje ìwé náà, síbẹ̀ ó gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin àsìkò rẹ lọ. Ibẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta ti ń di mẹ́jọ. Fi àtúnkà kún un, 800 ní wákàtí kan, ìyẹn 23. Ó di 92. Wákàtí márùn-ún ni mo máa ń kà sí ọjọ́ iṣẹ́ kan, torí ọpọlọ ń rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 19 nìyẹn, fi mẹ́ta kún un fún ìbéèrè tí o máa bi wọ́n. Èló lo fẹ́ gbà ní wákàtí kan?

Atúmọ̀ Tuntun: 4,000 náírà, sà.

Bàbá Ògbufọ̀: 368,000 náírà nìyẹn, ogún náírà lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ló dé tó fi jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì? Yorùbá la kọ, òun ló sì sábà máa ń pọ̀ jù.

Bàbá Ògbufọ̀: Gẹ̀ẹ́sì ti wà nílẹ̀, tọ̀tún tòsì lè kà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á kọ “nígbà tí”, ẹlòmíì á kọ “nígbàtí”, ìjà dé nìyẹn. Atúmọ̀ Tuntun, ṣí ibi tí Word ti ń ka ọ̀rọ̀, rí i pé o yan `Include textboxes, footnotes and endnotes`. Èyí tó wà nínú àwòrán, ọwọ́ lo máa fi kà á.

Àdùkẹ́: Èmi á pe owó ibi tó le lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọ̀la, owó tó kù ò ní dàrú.

Bàbá Ògbufọ̀: Wọ́n á fún ọ ní ibi tó le, wọ́n á gbé ibi tó rọrùn fún ẹlòmíì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́: Ó ti gbè mí lẹ́ẹ̀mejì, sà.

Atúmọ̀ Tuntun: Ọ̀rọ̀ 900 wà nínú àwòrán lóòótọ́! Mo fi 18,000 náírà kún un, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n gba owó, wọn ò gba ọjọ́. Wọ́n ní kí n wá ẹnì kejì kí ó lè parí ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá Ògbufọ̀: Gbé 10,000 tó rọrùn fún un, kí ẹ ti jọ fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni kó tún gbogbo rẹ̀ kà, kó má bàa dún bí ẹni méjì. Pẹ̀lú 900 inú àwòrán, ó ṣì ku bíi wákàtí 72 lọ́rùn rẹ, ọjọ́ iṣẹ́ 15. Sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.