Maṣíìnì kọ̀, báńkì yọ owó: bí ₦38,500 ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ọjà o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣì ń ká mi lára. Oníbàárà kan ra ìrẹsì àti òróró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦38,500. Ó ki káàdì bọ POS, ó tẹ píìnì, maṣíìnì ń yí, ó ń yí, ló bá tẹ rìsíìtì jáde: DECLINED, 91. Bí a ṣe ń wò ó ni fóònù rẹ̀ dún, wọ́n ti yọ owó. Mo ní kó tún fi káàdì sí i, èyí wá APPROVED, wọ́n sì tún yọ ọ́. Ló bá figbe bọnu pé owó òun ti wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Èrò ń wò wá, ojú ń tì mí. Mo ka ₦38,500 látinú dúrọ́ọ̀, mo fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, ₦38,307.50 ló wọlé. Èkejì kò wọlé títí di òní Ọjọ́rú. Níbo ni owó mi há sí?

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, Òṣogbo
Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Owó tí maṣíìnì bá kọ̀, wákàtí 24 ló ń lò. Ẹ lọ sí báńkì yín, wọ́n á sọ ọ́ sínú àkáǹtì yín.

Alájé, Ìlọrin
Èmi ò tiẹ̀ gba káàdì fún ọjà mọ́. Kí n bá èèyàn gba owó jáde nìkan ni mo ń fi POS tèmi ṣe. Bí ẹ bá fún un lówó lọ́wọ́, ṣé ẹ yọ owó iṣẹ́ yín kúrò níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Rárá, ọjà ni mo tà, n kò bá a gba owó jáde.

Bàbá Kẹ́mi, Abẹ́òkúta
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ibi tí ẹ ń wá owó náà sí kọ́ ló wà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó sídìí ẹjọ́ káàdì ní báńkì kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Maṣíìnì kì í bá báńkì oníbàárà sọ̀rọ̀ tààrà, ẹni àárín ló ń bá a jẹ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn dé ọ̀hún, báńkì oníbàárà náà yọ owó, ṣùgbọ́n èsì kò tètè padà. Maṣíìnì dúró títí kò gbọ́ nǹkan kan, ló bá tẹ 91: wọn ò dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí alẹ́ẹ̀tì fi ń sọ tirẹ̀, tí rìsíìtì ń sọ tirẹ̀.

Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà. Ọ̀dọ̀ báńkì oníkáàdì ló há sí, inú àkáǹtì oníkáàdì ló sì ń padà sí. Owó ara yín lẹ kà fún un.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti sọ ọ́ di wákàtí 72. Ọjọ́ márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Nígbà míì ó ń padà fúnra rẹ̀. Nígbà míì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sọ èsì nù náà ló ń sọ àṣẹ ìdápadà nù, àfi kí oníkáàdì lọ fẹjọ́ sùn ní báńkì tirẹ̀.

Ti ₦192.50 tó dín, owó iṣẹ́ ni: àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà, wọn kì í sì í gbà ju ₦1,000 lọ lórí títà kan. Ọjọ́ Ajé tó wọlé náà kò pẹ́, torí ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń kà.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Há! Mo pè é lánàá, ó ní kò sí nǹkan kan tó padà.

Bàbá Kẹ́mi, Abẹ́òkúta
Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ wo rìsíìtì méjèèjì, nọ́ńbà oníka méjìlá kan wà níbẹ̀, RRN. Ti DECLINED yàtọ̀ sí ti APPROVED. Ẹ ya fọ́tò ti DECLINED fún un, kó gbé e lọ sí báńkì rẹ̀. Kó sì gba sítétímẹ́ǹtì láti ọjọ́ Ẹtì di òní: bí owó bá ti padà, yóò hàn níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo ti rí tèmi náà nígbà tí owó wọ́n ní oṣù kejì ọdún 2023. Èmi di aṣọ mú ni, mo kọ nọ́ńbà RRN sí i, mo ní kó wá gbé e bí owó bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bínú lọ. Ọjọ́ kẹta ló padà wá, ó fi tiránsífà san án. Àmọ́ Bàbá Kẹ́mi, bó bá ti gba owó lọ́wọ́ wa bíi ti Ìyá Ìbejì, tí báńkì náà sì dá tirẹ̀ padà, kí la lè fi mú un?

Bàbá Kẹ́mi, Abẹ́òkúta
Báńkì ò ní bá yín dá sí ìyẹn, kò sí lákọsílẹ̀ wọn. Bóyá ìwé tó fọwọ́ sí. Ìyá Ìbejì, ṣé ó fọwọ́ sí nǹkan kan?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Rárá o. Ṣùgbọ́n rìsíìtì méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń lọ sílé rẹ̀ lọ́la.