exFAT tàbí NTFS: èwo ni kí n fi sórí háádì díráìfù mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń yà. Windows ni èmi ń lò, àbúrò tó ń bá mi gé fídíò ń lo macOS, háádì díráìfù kan náà la sì ń gbé kiri. NTFS ló wà lórí rẹ̀: àbúrò mi ń rí fáìlì, ó ń ṣí i, ṣùgbọ́n kò lè kó èyí tó ti gé padà sórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé exFAT á gbà fún àwa méjèèjì, fáìlì tó ju 4GB lọ á sì wọ̀ ọ́. Iná ló ń bà mí lẹ́rù. exFAT kò ní àkọsílẹ̀ tí NTFS fi ń tún ara rẹ̀ ṣe bí iná bá lọ lójijì, kọ̀ǹpútà mi kò sì ní bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń lo exFAT báyìí, ṣé fáìlì yín ti bàjẹ́ rí?