1/x² nítòsí 0: ṣé ẹ̀rí mi yìí dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo fẹ́ fi hàn pé 1/x² ń ga láìlópin bí x ṣe ń sún mọ́ 0. Mo kọ́kọ́ fi ε ṣe é, ó dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, torí kò sí iye kan tí 1/x² ń lọ bá. Mo wá fi M rọ́pò ε: kí M > 0 tóbi bó ti wù kó tóbi, mo mú δ = 1/√M. Bí 0 < |x| < δ, x² < 1/M, nítorí náà 1/x² > M. Fún M = 10000, δ jẹ́ 0.01; mo dán x = −0.005 wò, 40000 ló jáde.

Àmọ́ láti ẹ̀yìn, láti ara 1/x² > M, ni mo ti rí δ yìí. Ṣé kí n kọ ìyẹn sínú ẹ̀rí, àbí kí n kàn bẹ̀rẹ̀ láti δ tààrà?