Àpẹẹrẹ gbà á, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi pamọ́ kọ̀ ọ́: ẹ wá sọ ojú tẹ́yin náà ti rí

Alákòóbẹ̀rẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ojú mi rí nǹkan lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n tò nọ́ńbà n sílẹ̀, ká wá apá kan tó so pọ̀ tí àròpọ̀ ẹ̀ máa pọ̀ jù, apá náà ò sì gbọdọ̀ ṣófo. Àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, mo wá fi ránṣẹ́, `Wrong Answer` ní tẹ́ẹ̀sì 4. Kóòdù mi nìyí:

```cpp
int best = 0, cur = 0;
for (int x : a) {
    cur = max(cur + x, x);
    best = max(best, cur);
}
```

Mo wá kọ èyí tó ń lọ́ra, tó ń gbìyànjú gbogbo apá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣa nọ́ńbà fúnra ẹ̀ kí n lè fi èsì méjèèjì wéra. Ẹgbẹ̀rún ìgbà, wọn ò yàtọ̀ síra! Àṣé 1 sí 10 ni mo ní kó máa ṣà, èmi náà kàn ń tan ara mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ di -5 sí 5 báyìí ló mú `-3 -1` jáde: tèmi ní 0, èkejì ní -1. `best = 0` ló fà á o. Mo fi `a[0]` bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 4 gbà, àmọ́ 14 tún kọ̀.

Sáré-sáré: Kóòdù ẹ ló ń lọ́ra, wá bí wàá ṣe tètè ka ìnpúùtù.

Alákòóbẹ̀rẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, wọn ò sọ pé àkókò tán, èsì ni wọ́n ní ó ṣì.

Kò-sùn: Tèmi, T, ìyẹn iye ìbéèrè tó wà nínú ìnpúùtù kan, ló wà níwájú, àpẹẹrẹ sì ní T=1, mi ò nu àkójọ tí mo ń ka nọ́ńbà sí nù kí n tó bọ́ sí ìbéèrè kejì. Ó jẹ́ mi ní alẹ́ mẹ́ta. Ṣáà máa fi nọ́ńbà kéékèèké dán an wò, kò sí àṣìṣe tí kò ní mú.

Ìyá Kóòdù: Ó ń mú púpọ̀, kì í mú gbogbo ẹ̀. Alákòóbẹ̀rẹ̀, padà lọ ka ìlà tí wọ́n ti sọ bí nọ́ńbà ṣe lè tóbi tó.

Alákòóbẹ̀rẹ̀: n dé 100000, ọ̀kọ̀ọ̀kan dé 10^9, mà.

Ìyá Kóòdù: Àròpọ̀ lè dé 10^14 nìyẹn, 2147483647 sì ni `int` mọ. Fún un ní 10^9 lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹta, `cur + x` máa yí padà di iye òdì, `max` á wá mú x nìkan, wàá rí 2000000000 dípò 3000000000. Èsì náà á jọ òótọ́ lójú, òun ni mo fi ní kò rọrùn láti fura sí. Tí èyí tó ń lọ́ra bá tún ń lo `int`, àwọn méjèèjì lè jọ parọ́ kan náà fún ẹ.

Alákòóbẹ̀rẹ̀: Mo ti sọ x, cur àti best di `long long`, 14 ṣì kọ̀! Mo tún fún un ní 10^9 mẹ́ta yẹn, -1294967296 ló tẹ̀ jáde.

Ìyá Kóòdù: Fọ́ńkṣọ̀n tó gbé best padà wá ńkọ́, kí lo kọ síwájú orúkọ ẹ̀?

Alákòóbẹ̀rẹ̀: Yéè. `int` ni. Mò ń bọ̀.