Ìrora egungun: ìgbà wo ni kì í ṣe kíráísì mọ́?

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ kú àárọ̀ o. SS ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9 ni. Gbogbo wa nílé la mọ ìrìn kíráísì rẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ mú, á bọ́ sí ẹsẹ̀ méjèèjì, apá á sì dá sí i. Tó bá mu omi dáadáa, tó lo oògùn ìrora, ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ojúgun ẹsẹ̀ òsì nìkan ló mú, ìka kan ṣoṣo ló fi ń tọ́ka sí i. Ibẹ̀ wú, ó gbóná, awọ rẹ̀ ń dán, aṣọ ìbora gan-an kò gbọdọ̀ kàn án. Parasitamọ́ọ̀lù á mú kí ibà lọ sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí á tún dé. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ya àwòrán egungun náà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kíráísì ni. Mo ní rárá, mo mọ kíráísì ọmọ mi.

A gba ibòmíì lọ. Dókítà ibẹ̀ fi ìka tẹ ojúgun náà láti orókún wá sílẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé ibi tí ọmọ ti figbe ta. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, kí wọ́n tó fún un ní oògùn apakòkòrò kankan. Ọyún ló jáde. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sálúmónẹ́là ni lábù rí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí irú èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Àkànní:
Ẹ kú ìrọ́jú, mọ́mì. SS lèmi náà. Tèmi ò le rárá: ibà bá wà, kòkòrò ni, ibà ò sí, kíráísì ni. Ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn láti kékeré.

Àǹtí Lábù:
Bùrọ̀dá Àkànní, apá kan rẹ̀ lẹ mú. Kíráísì lásán náà máa ń mú ibà wá, ó sì máa ń mú kí ara wú, torí egungun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ń kú lọ ni. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó pọ̀ náà ò tó ẹ̀rí, ti ọ̀pọ̀ SS ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ kí àìsàn tó dé. Kíráísì sì wọ́pọ̀ ju kòkòrò inú egungun lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ́kọ́ rò ó. Ohun tí ìyá yìí rí ló ṣe pàtàkì: ojú kan ṣoṣo, ibà tí ò lọ, ìrora tí ò tẹ̀lé ìrìn rẹ̀ àtijọ́.

Àwòrán egungun lè mọ́ kedere fún bí ọjọ́ 10 sí 14 kí kòkòrò tó hàn níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi ló ń sọ òótọ́, tí oògùn ò bá tíì wọlé. Tí oògùn bá ti ṣíwájú, kòkòrò lè má hù ní lábù mọ́, ìméfò ló kù. Àmọ́ tí ara ọmọ bá ti le gan-an, wọn á gba ẹ̀jẹ̀ kíákíá, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọn ò ní dúró de abẹ́rẹ́.

Ẹ má sì fi ibà 38.5 sùn nílé o, yálà egungun ń dunni tàbí kò dunni. Ọlọ inú SS kì í lè ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò mọ́.

Màmá Ẹ̀bùn:
Ìbàdí ọ̀tún ni tèmi. Tí mo bá ń rìn ló ń dùn mí, tí mo bá jókòó á rọlẹ̀. Ibà ò sí. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣé kí wọ́n fa ọyún tèmi náà ni?

Àǹtí Lábù:
Mà, ti yín jọ orí egungun itan tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà egungun wò ó, kí ẹ má sì gbé ẹrù wúwo.

Ṣọlá:
Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò lójútùú. Apá ni. Abẹ́rẹ́ ò rí nǹkan kan fà, ẹni tó ka àwòrán MRI ní ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìyẹn. Dókítà kan ní kó lo apakòkòrò, èkejì ní kó dá a dúró. Ó lò ó, ara rẹ̀ yá. Títí dòní ẹnikẹ́ni ò lè sọ bóyá oògùn ló ṣe é ni àbí kíráísì ló parí fúnra rẹ̀.

Ìyá Tòmíwá:
Hùn. Àwa ti kúrò lórí abẹ́rẹ́ apakòkòrò, oníhóró ló ń lò báyìí. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ á tó ọ̀sẹ̀ 6. Ibà ti lọ, ó ti ń sáré káàkiri, ó ní òun ò gbé oògùn mì mọ́.

Àǹtí Lábù:
Ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ o, mọ́mì. Kòkòrò máa ń sá pamọ́ sínú egungun tó ti kú, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oògùn kiri kì í débẹ̀ dáadáa. Tó bá dá a dúró nísinsìnyí, ó lè padà bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, ó sì lè di ti iṣẹ́ abẹ.

Àkànní:
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Apá mi òsì ń dùn mí láti àná, òun nìkan. Ibà ò sí.

Àǹtí Lábù:
Ṣé ibẹ̀ ni kíráísì yín máa ń mú tẹ́lẹ̀? Ṣé ó wú? Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ibà náà, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn lásán.