"Gé kíákíá" àbí "fìrí": ọ̀rọ̀ wo la ó fi kọ ìran ìlépa fún ẹ̀rọ?

Àbẹ̀ní:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí màá fún ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe fídíò, kí n lè fi ìran kan kún àbá fíìmù kúkúrú mi. Ohun tí mo kọ rèé: "Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sá lóru nínú kọ̀rọ̀, ẹnìkan ń lé e, ẹ gé e kíákíá, kí àyà máa já, ẹ má fi ojú ẹni tó ń lé e hàn." Ṣé "gé kíákíá" là ń pe fíìmù tí àwòrán rẹ̀ ń yí padà lemọ́lemọ́? Kí la sì ń pe ọ̀rọ̀ tí à ń kọ fún ẹ̀rọ yìí gan-an, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "prompt"?

Àkànbí:
Àǹtí Àbẹ̀ní, "gé kíákíá" ti dára, gbogbo ayé ló máa yé. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ pè é ní "ìgé-wéréwéré". Bí àwòrán bá ṣe ń yí padà tó ni àyà ṣe máa já tó. Ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn pé ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń wò ò gbọdọ̀ rí àyè mí.

Adùnní:
Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé, a sì ní ẹni tó ń ṣe "prompt" lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló máa ń jókòó sí, tí òṣèré bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ìṣínilétí" là ń pè é. Ẹ lè mú un lò. Ní ti àwòrán tó ń yí padà, ṣebí "ìran" ni? Ìran kìíní, ìran kejì, bó ṣe wà nínú ìwé eré nìyẹn.

Àlàó:
Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ títo fíìmù pọ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún gan-an.

Àǹtí Adùnní, ẹni tó ń ṣí òṣèré létí mọ̀ pé òṣèré ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ó kàn gbàgbé ni. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ohunkóhun nípa fíìmù Àbẹ̀ní, ohun tí Àbẹ̀ní bá kọ nìkan ló ní lọ́wọ́. Nítorí náà kò sí ohun tí a lè ṣí i létí. Ní ti "ìran", ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: gbogbo ìlépa náà, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí ògiri ti dí i, ìran kan péré ni. Ohun tí à ń wá orúkọ fún kéré sí ìyẹn.

Ó wá kan "gé kíákíá". Bí mo bá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gé nǹkan kíákíá, ohun tó máa yé e ni pé kó tètè parí, ká lè lọ sílé. Ọwọ́ ẹni tó ń gé e ni "kíákíá" ń sọ. Ohun tí Àbẹ̀ní fẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹni yẹn rárá. Ó wà nínú bí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lójú ẹni tó ń wò. Gígé fúnra rẹ̀ kì í yára, kì í sì í falẹ̀: àwòrán kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, ó tán. Àwòrán ló ń gùn tàbí kúrú. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tójú rí tí kò pẹ́ kó tó lọ: "mo rí i fìrí". Èmi á ní ká pe ohun tí kámẹ́rà wò lẹ́ẹ̀kan láìdáwọ́ dúró ní "ìwò", ká sì pe èyí tó kúrú jọjọ ní "ìwò fìrí". Bí ẹ bá wá fẹ́ orúkọ fún ibi tí ìwò kan ti pàdé èkejì, "oríkèé" ló wù mí, nítorí pé lójú ẹni tó ń to fíìmù, sísopọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju gígé lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń jà sí. Ẹ fún ẹ̀rọ ní ohun tí Àbẹ̀ní kọ bó ṣe wà, kí ẹ wo ohun tó máa gbé wá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń ṣe ìwò kan ṣoṣo tó gùn ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí ẹ bá ní kó gé e kíákíá, ó lè mú kámẹ́rà gbọ̀n rìrì, ó lè mú kí ọmọkùnrin náà sá bí ẹni tí wọ́n sáré fíìmù rẹ̀, ó sì lè fẹ́ gé e lóòótọ́ láìmọ̀ ọ́n gé. Ẹ máa mọ èyí tó kẹ́yìn yẹn: ògiri kan á máa yọ́ di ògiri mìíràn, súẹ́tà pupa á di àwọ̀ búlúù kí ọmọ náà tó yà ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ kọ ìwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ ṣe wọ́n lọ́tọ̀, kí ẹ wá fúnra yín tò wọ́n pọ̀. Bí èmi ṣe máa tò ó rèé. Ìwò kìíní, ìṣẹ́jú àáyá 3: kámẹ́rà dúró sójú kan lókèèrè, ọmọkùnrin náà ń sá láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ọ̀nà náà sì gùn lọ níwájú rẹ̀. Ìkejì, ìṣẹ́jú àáyá 1: bàtà nìkan, ó tẹ omi, omi ta. Ìkẹta, ìṣẹ́jú àáyá 1: ọwọ́ rẹ̀ gbá igun ògiri mú bó ṣe ń yà. Ìkẹrin, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá: èjìká ẹni tó ń lé e kọjá lábẹ́ iná. Ìkarùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá 2: ògiri ti dí i níwájú, ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7 àti ààbọ̀. Bí fíìmù bá ń fi àwòrán adúrósójúkan 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 180 nìyẹn, ìwò kẹrin ò sì ní ju 12 lọ. Ẹ̀rọ ò ní ṣe fídíò tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe gùn, kí ẹ mú ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó dára jù nínú rẹ̀.

Àkànbí, àbúrò mi, ibí ni mi ò ti gbà fún ẹ. Ìwò kìíní yẹn ló ń jẹ́ kí ìkẹrin bani lẹ́rù. Ẹni tó ń wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe há tó, kó mọ̀ pé kò síbi tí èèyàn lè yà sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ fìrí, ojú á ṣú u, kò ní mọ ta ló ń lé ta, ẹ̀rù ò sì ní bà á.

Ẹ kíyè sí apá tí wọ́n ń sá lọ pẹ̀lú. Bí ọmọkùnrin náà bá ń sá lọ sí ọ̀tún nínú ìwò kìíní, tí èjìká ẹni tó ń lé e wá kọjá lọ sí òsì, yóò jọ pé àwọn méjèèjì fẹ́ forí gbárí. Ẹ kọ "láti òsì sí ọ̀tún" sínú gbogbo ìwò tí wọ́n bá ti ń sá. Ẹ kọ irú aṣọ rẹ̀ bákan náà sínú ìkọ̀ọ̀kan, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ìwò kejì, kò rántí ìkíní, àfi tí ẹ bá fún un ní àwòrán ẹni náà kó máa wò.

Ó ku "ẹ má fi ojú rẹ̀ hàn". Bí ẹ bá ti dárúkọ ojú, ẹ̀rọ lè yà á síbẹ̀. "Má" kì í sábà ràn án. Àwọn ẹ̀rọ kan ní àyè ọ̀tọ̀ tí èèyàn ń kọ ohun tí kò fẹ́ sí. Bí tiyín ò bá ní in, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rí: "ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, fìlà bò ó dé ọrùn." Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ tí à ń kọ fún ẹ̀rọ ní àṣẹ. Ẹni tó bá gbọ́ àṣẹ mọ ohun tí "má ṣe" jẹ́. "Ìṣàpèjúwe" ló sún mọ́ ọn jù, torí ohun tójú lè rí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Kí àyà máa já" kì í ṣe ohun tí kámẹ́rà lè yà.

Àkànbí:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà nípa ìwò kìíní tó gùn. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbà "ìwò". Báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́ tí ẹnìkan kò bá fi àmì sí i lórí fóònù? "Iwo" á di ìwọ, á di ìwo màlúù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò lè dá dúró láìsí àmì máa ń da iṣẹ́ rú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ojú-ìwò", ó kéré tán.

"Ìṣàpèjúwe" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwé ìtàn kún fún ìṣàpèjúwe, kò sì sẹ́ni tó ń retí kí fídíò jáde níbẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ náà fi hàn pé ẹ̀rọ máa ṣe nǹkan lé e lórí. "Ìtọ́ni" ni mo fara mọ́.

Adùnní:
Ó ti wá yé mi. Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Àlàó. Àmọ́ ẹ ò sọ̀rọ̀ ohùn rárá. Nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣe irú eré yìí, orí ìtàgé ò láàyè láti sá, a wá pa iná, a jẹ́ káwọn èèyàn máa gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì lẹ́yìn. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn náà kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Àlàó:
Àǹtí mi, ẹ sọ òótọ́. Ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń lé e gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lára ògiri, ṣáájú ká tó rí èjìká rẹ̀. Ká jẹ́ kí mímí ọmọkùnrin náà máa lọ láìdá kọjá lórí gbogbo oríkèé, yóò so wọ́n pọ̀. Kí Àbẹ̀ní fi ohùn kan náà sí abẹ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá ń tò ó. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ohùn fún ìwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ohùn náà á máa já lójijì ní gbogbo ibi ìsopọ̀.

Àkànbí, "ojú-ìwò" dára ju tèmi lọ. Màá máa lò ó. Lórí "ìtọ́ni", mi ò tíì gbà.

Àbẹ̀ní:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti tún ìkẹrin kọ báyìí: "Ojú-ìwò fìrí. Òru. Ọ̀nà tóóró tí ògiri bíríkì há mọ́ lápá méjèèjì. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú ń sá láti òsì sí ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, iná ọ̀nà tàn sí èjìká rẹ̀ bó ṣe ń kọjá." Mo yọ "kọ̀rọ̀" kúrò, torí ó ń mú igun yàrá wá sí mi lọ́kàn.

Àkànbí:
Kí ló dé tí ẹ ò lo "ẹ̀bùrú"? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Àlàó:
Ẹni tó gba ẹ̀bùrú lè gba inú igbó kọjá. Ògiri méjèèjì ni ìran yìí ń lò, kí ó kọ ọ́ gùn bẹ́ẹ̀.